Aṣọ Ti Parí: Kí La Ó Kọ Sábẹ́ Fọ́tò Rẹ̀?

Ẹ ṣí sítétọ́ọ̀sì Wàsáàpù àwa aránṣọ Àkúrẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ èyíkéyìí. Ohun kan náà lẹ máa rí lọ́dọ̀ ẹni mẹ́wàá: aṣọ lórí háńgà, iná gílóòbù tó mú gbogbo ògiri pọ́n, àti ọ̀rọ̀ tó ní "Ẹ ṣeun fún ìnáwó yín, Ọlọ́run á bùkún àpò yín." Àdúrà náà dáa, kò sẹ́ni tí kò ní ṣàmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra símẹ́ǹtì náà lè gba irú àdúrà yẹn. Ẹni tó ni aṣọ ò rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó sì ní aṣọ nílé tó ń wá aránṣọ ò rí ohun tó máa fi mọ̀ bóyá ọwọ́ yín gba iṣẹ́ tó wà lọ́kàn òun.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni n ó fi ṣàlàyé, láti ìgbà tí mo ti gé òwú tó kẹ́yìn títí dé ìgbà tí mo gbé fọ́tò náà síta. Mọ́mì kan láti Òkè-Àró ló gbé léèsì yáàdì márùn-ún wá fún mi, aláwọ̀ wáìnì. Ìró àti bùbá ni wọ́n fẹ́, fún ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún wọn. Etí léèsì náà kò tọ́. Ó tẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ jáde, bí etí ewé. Mọ́mì fẹ́ kí etí yẹn yọ lọ́rùn bùbá àti lẹ́nu apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ mọ wàhálà ibẹ̀: ẹ̀gbẹ́ aṣọ nìkan ni etí yẹn máa ń wà, gbọọrọ ló sì lọ, ọrùn bùbá sì rèé, ó rí roboto. Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré, mo gé etí náà kúrò lára aṣọ, mo ń tẹ̀ lé òdòdó tó wà lára rẹ̀ kí n má bàa já okùn rẹ̀. Mo fi pín-ìnnì dì í yí ọrùn ká, mo sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an. Ọrùn àti ẹnu apá nìkan gbà mí ní ọjọ́ méjì.

Ohun kejì tún wà. Èjìká ọ̀tún mọ́mì rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ, tó ààbọ̀ íǹṣì. Mo fi páàdì tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ láínì lápá ọ̀tún, bùbá náà sì jókòó dọ́gba. Kí n má parọ́, ibẹ̀ ni inú mi dùn sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Kẹ́ ẹ tó mú fóònù

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú aṣọ. Ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ gé gbogbo òwú tó ń jó. Fóònù òde òní ń rí òwú tí ojú yín ò rí; mo ti gbé aṣọ kan síta rí tí ẹnì kan fi bi mí lábẹ́ rẹ̀ bóyá òwú tó ń fì lábẹ́ apá yẹn jẹ́ ara stáìlì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ aṣọ náà. Léèsì kì í fẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kan ojú rẹ̀: inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí síta, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ tín-ín-rín lé e, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdòdó rẹ̀ á tẹ̀ pẹrẹsẹ, okùn míràn tiẹ̀ lè yọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní dọ́mì, ère tá a ń wọ aṣọ sí, ẹ wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ má fi pín-ìnnì fún aṣọ lẹ́yìn kó lè dà bíi pé ó fún ère lára, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ó bá ara mu wẹ́kú". Ara ta? Ọ̀rọ̀ "ó bá ara mu", ìgbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá wọ aṣọ nínú fọ́tò ni ká tó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ orí dọ́mì la ti yà á, ọ̀rọ̀ ọwọ́ iṣẹ́ ni ká sọ.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tàbí nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ òjìji, ibẹ̀ ló dáa jù. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń pa òdòdó léèsì rẹ́. Gílóòbù ní tiẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà. Mo fi iná alẹ́ ya aṣọ wáìnì kan lọ́dún kan, ó jáde bíi ṣokoléètì. Nígbà tí oníbàárà tuntun kan dé, ó ní òun fẹ́ àwọ̀ ṣokoléètì tí mo gbé síta yẹn gan-an, ó sì ti wá a kiri gbogbo Ọjà Ọba kó tó yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù nù, torí ọwọ́ tó ń di aṣọ mú kì í ṣàìní epo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí fóònù wà ní ọ̀gangan ìbàdí aṣọ, kó má bàa dà bíi pé aṣọ kúrú. Èmi máa ń ya mẹ́ta péré: iwájú lódindi, ẹ̀yìn, àti ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù láti ìtòsí. Nínú ti mọ́mì, ọrùn ni ẹ̀kẹta, débi pé èèyàn lè ka ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́.

Ẹ gba àṣẹ, kẹ́ ẹ sì gbà á tán

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi oníbàárà, kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣé mo lè gbé e síta? Ṣé ojú yín lè hàn? Ọjọ́ wo ni kí n gbé e? Ìbéèrè kẹta yìí la máa ń gbàgbé, òun ló sì kó mi sí wàhálà rí. Ìyàwó kan ní Oǹdó ni mo rán aṣọ fún. Ó ti gbà kí n gbé e síta, inú mi wá dùn, mo gbé e lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ ti rí aṣọ, ìyá ọkọ ti rí i, ọ̀rẹ́ ìyàwó méjì ti ń sọ irú gèlè tó yẹ kó wé. Ẹkún ló fi pè mí. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n sítétọ́ọ̀sì tó yẹ kó lo wákàtí 24, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà káwọn èèyàn tó fi fóònù gbá a mú? Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé aṣọ òde kankan síta kí òde náà tó kọjá.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí mọ́mì nìyí, lórí Wàsáàpù, kí ìdáhùn lè wà nílẹ̀:

"Ẹ káàsán mà. Aṣọ yín ti délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe ọjọ́ ìbí tán. Ṣé kí n lo èyí tẹ́ ẹ wọ̀, àbí ti orí dọ́mì nìkan? Mi ò ní kọ orúkọ yín, mi ò sì ní kọ iye tẹ́ ẹ san."

Mọ́mì ní kí n lo ti orí dọ́mì. Wọ́n tún fi kún un pé kí n má kọ ọgọ́ta. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, ká sòótọ́. Mo rò pé ẹni tó ń ṣe ọgọ́ta ọdún á fẹ́ káyé gbọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn. Àṣẹ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan mọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 ka fọ́tò èèyàn mọ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì gbà lónìí lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́la. Tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Kíkọ ọ̀rọ̀ náà

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ náà rèé. Ó ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó:

"Aṣọ mọ́mì wa tó ń ṣe ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ ńlá nìyí o! Èjìká wọn ò dọ́gba, àmọ́ a rọ́gbọ́n dá sí i. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ẹ kàn sí wa fún gbogbo iṣẹ́ yín."

Ọmọṣẹ́ mi ló kà á tó ní, "Ọ̀gá, ṣé mọ́mì máa lè fi èyí han ọ̀rẹ́ wọn?" Ibẹ̀ ni mo dúró. Mo ti kọ ọdún tí wọ́n ní kí n má kọ. Mo ti sọ ara wọn fún gbogbo Àkúrẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé aṣọ wá. Mi ò sì sọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn bùbá, èyí tí mo fi odindi ọjọ́ méjì ṣe.

Ọ̀rọ̀ ara oníbàárà, àárín àwa àti téèpù wa ló wà. Páàdì tí mo fi sí èjìká, ìdí tí mo fi fi í síbẹ̀ náà ni pé kẹ́nikẹ́ni má mọ̀; tí mo bá wá kọ ọ́ síta, mo ti tú iṣẹ́ mi fúnra mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a bo ikùn mọ́lẹ̀", "sísanra ò dí ẹwà lọ́wọ́", àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó dà bí ìyìn tó sì ń gún èèyàn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe sára aṣọ. Ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ rí lára èèyàn.

Ọpẹ́ wá ńkọ́? Ẹ wá ohun kan tí oníbàárà yìí ṣe tí ẹlòmíràn ò ṣe, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lórí ìyẹn. Mọ́mì gbé aṣọ wá nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó nínú iṣẹ́ wa, táwọn míì ń gbé aṣọ ẹbí dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú fún òde ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n sì wá dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì nínú òjò. Nǹkan ọpẹ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún "ẹ ṣeun fún sùúrù yín" o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó fún un láṣọ, ìdí máṣíìnì lẹ ti máa bẹ̀ ẹ́, ojú kojú. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ síta, yóò dà bí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀, àwọn tó kù á sì kà á pé aránṣọ yìí máa ń já èèyàn kulẹ̀.

Bá a ṣe ń pe èèyàn náà ńkọ́? Mo máa ń fi "ẹ" bá gbogbo oníbàárà sọ̀rọ̀, àní ọmọ FUTA tí mo lè bí. Torí ìyá rẹ̀ ń kà á. "Mọ́mì", "ìyàwó wa", "bọ̀dá wa" ti tó. Ẹ má kọ "Ìyá Lágbájá" tó bá máa tú orúkọ ọmọ síta. Ẹni tó bá joyè, ẹ bi í, àwọn míì á fẹ́ kẹ́ ẹ kọ oyè wọn pé pérépéré. Ẹ sì di ohùn kan mú. Tẹ́ ẹ bá ti ń bá mọ́mì sọ̀rọ̀ tààrà, ẹ má yí i sí "wọ́n" lágbedeméjì.

Ìlà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ tó lágbára jù sí, torí ojú fóònù máa ń ká ìyókù mọ́lẹ̀ títí ẹnì kan á fi tẹ̀ ẹ́. "A tún ti dé o" kì í mú ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan.

Èyí ni mo wá gbé síta, ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé òde náà:

"Ọrùn bùbá yìí, abẹ́rẹ́ ọwọ́ la fi rán an, kì í ṣe máṣíìnì.
Mọ́mì, ẹ ṣeun mà. Ẹ gbé aṣọ wá nígbà tó ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sì tún gba inú òjò wá dán an wò.
Léèsì yáàdì márùn-ún ni. A gé etí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, a wá rán an yí ọrùn àti ẹnu apá ká. Ọjọ́ méjì ni ibẹ̀ nìkan gbà. Gígé tó ṣẹ́kù wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú aṣọ yín.
Ẹ ó lò ó gbó, ẹ ó ṣe púpọ̀ ọdún láyé.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ irú ọrùn yìí, ẹ wo etí léèsì kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá tọ́ gbọọrọ, kò sí ohun tá a máa gé. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ẹ wo gbólóhùn tó sọ nípa gígé tó ṣẹ́kù. Kò sí oníbàárà tí kì í fura pé aránṣọ ń fi aṣọ òun rán ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. Ẹ ò ní láti jà níbẹ̀. Ẹ kó gígé náà padà lóòótọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ nínú ìlà kan. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti da tiyín sí pàǹtírí, ẹ má kọ ọ́.

Àdúrà ìparí

Àdúrà ni mo rí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ṣe àṣìṣe sí jù. Ọ̀kan wa gbé aṣọ òkú síta, aṣọ dúdú tó dáa gan-an, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "irú ẹ̀ á máa ṣojú wa". Ìsìnkú! Ẹ bi ara yín ohun tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ ṣe kẹ́ ẹ tó gbàdúrà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí, "ẹ ó ṣe púpọ̀ ọdún láyé" bá a mu. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ "ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀" fún ìyàwó, ẹ ti ń bá a tọrọ ọkọ kejì nìyẹn. Ti ìyàwó ni "ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní". Ti ìsìnkú àgbàlagbà ni "ẹ̀yìn wọn á dáa". Tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, mi ò gbé fọ́tò aṣọ yẹn síta rárá, kódà tí wọ́n bá gbà mí láyè.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbé e

"Èló?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa wọlé. Iye tí mọ́mì san, ti èmi àti mọ́mì ni. Ṣùgbọ́n kíkọ "ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀" láìsọ nǹkan kan máa ń bí èèyàn nínú. Mo máa ń sọ ohun tó ń gbé owó lọ sókè: owó bùbá lásán wà lọ́tọ̀, owó ọrùn àfọwọ́rán wà lọ́tọ̀, láínì sì wà lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kó fi fọ́tò léèsì rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ṣírò tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀fẹ́ á dákẹ́. Ẹni tó ní aṣọ nílé á fi fọ́tò ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin kan wọlé láti Ìjàpọ̀. Kò tíì kí mi tó fi tú ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó fa etí léèsì náà jáde, ó nà án sí mi lójú. "Àǹtí, ẹ wò ó. Kò tọ́."